Ìwé wo ni mo lè fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi tí ọ̀fọ̀ bàbá ṣẹ̀, tí kò ní wàásù fún un?

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá wa jáde láyé lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Àárọ̀ ni wọ́n kú, kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́ a ti sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ṣe ní ká ṣe é. Àbúrò mi obìnrin wà ní Máńṣẹ́sítà. Orí fóònù ló ti wo gbogbo rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ló ń gbé fóònù dání. Bí wọ́n ṣe gbé bàbá dé etí sàréè ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Nígbà tó máa fi padà, wọ́n ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. "Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á." "Ṣebí bàbá dàgbà, òkú ìdùnnú ni." Fídíò àfáà oníṣẹ́jú ogún, oríṣiríṣi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi wàásù ránṣẹ́ sí mi mọ́." Kì í ṣe pé ó ti kọ ẹ̀sìn o. Ó ń kírun. Wàásù náà ló ti sú u.

Ìwé kíkà ló fẹ́ràn jù láyé, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè ka ju ojúewé kan lọ báyìí kí ọkàn òun tó ṣí kúrò. Mo ra ìwé kan fún un nílé ìtàwé kan níbí, èyí tí oòrùn ń wọ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ojúewé kẹrin, ìwé náà ti ń pàṣẹ fún òun.

Kí ni mo lè rà fún un? Kó jẹ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kò burú.

Díákónì Sùúrù · Ọjọ́ Ajé, aago 9:31 alẹ́

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ wá ìwé àdúrà fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ogójì ọjọ́, ó ní ẹsẹ Bíbélì kan fún àárọ̀ àti ọ̀kan fún alẹ́. Kó má fi ẹkún ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ní ìgbàgbọ́ kì í sunkún bí àwọn tí kò ní ìrètí.

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mùsùlùmí ni wá, ìyẹn nìkan sì kọ́. Ohun tó ní òun ò fẹ́ gan-an lẹ júwe yẹn. Ẹ má bínú.

Akọ̀wé Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, aago 10:22 alẹ́

Àdùkẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ilé ìkàwé ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yín yìí sì wà lára àwọn tí èèyàn máa ń rọra bi mí nígbà tí kò bá sí ẹlòmíì nídìí tábìlì.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe máa ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ má wo iwájú rẹ̀. Ẹ ṣí i sáàárín, ẹ ka ojúewé kan tán. Tí ẹ bá ti rí "o gbọ́dọ̀" tàbí "ó yẹ kí o" lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ pé ibi tí òǹkọ̀wé ti ń yọ̀ pé òun ti borí ni ìwé náà parí sí, kì í ṣe ti ẹni tó wà lọ́sẹ̀ kẹfà. Á kàn jẹ́ kó rò pé òun ti ń pẹ́ jù ni. Ìwé tí ẹ ń wá ni èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀, tí kò bìkítà bóyá ẹni tó ń kà á kọ́ nǹkan kan.

Èyí tó bá ọ̀rọ̀ àbúrò yín mu jù tí mo mọ̀ ni ti Chimamanda Ngozi Adichie. Ohun tí ẹ máa tẹ̀ tí ẹ bá ń wá a ni *Notes on Grief*. Bàbá rẹ̀, James Nwoye Adichie, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Statistics, kú ní June 2020 nígbà kòrónà. Amẹ́ríkà ni ọmọ wà, Nàìjíríà ni bàbá wà, pápákọ̀ òfuurufú sì wà ní títì. Àwọn ọmọ máa ń rí bàbá lójú Súùmù lọ́jọọjọ́ Àìkú, ojú Súùmù yẹn náà ni wọ́n padà pé jọ sí nígbà tí ó kú. Wọ́n fẹ́ mú ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ kò ṣeé mú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí bàálù máa fò. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lójú létí sàréè bàbá rẹ̀ máa rí ara rẹ̀ nínú ìwé yẹn.

Ìdí méjì míì tí mo fi mú un: ó kúrú, kò pé ọgọ́rùn-ún ojúewé, ó sì pín sí ìpín kéékèèké ọgbọ̀n. Ìpín míì ò ju ojúewé kan tàbí méjì. Ẹni tí kò lè ka ju ojúewé kan lọ lè ka ọ̀kan kó dì í, kò sì ní ṣe é bíi pé ó já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èkejì, ọ̀rọ̀ "ṣebí bàbá dàgbà" yẹn. Ẹni ọdún 88 ni bàbá Adichie, àwọn èèyàn sì ń bi òun náà pé ẹni ọdún mélòó ni bàbá. Ó sọ ojú abẹ níkòó pé ọjọ́ orí kò kan ìbànújẹ́ òun, bí òun ṣe fẹ́ràn bàbá òun ló kàn án.

Ìyábọ̀ Alákàá · Ọjọ́ Ajé, aago 11:03 alẹ́

Mo ti ka èyí tí Akọ̀wé sọ yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìwé jẹ́jẹ́ o. Inú ń bí obìnrin yẹn. Ó bínú sí àwọn tó kí i, ó bínú sí àwọn tó ní bàbá ń sinmi, ó tilẹ̀ bínú sí àwọn tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ tí wọ́n ṣì wà láyé. Nígbà tí mọ́mì mi kú, ìbínú yẹn tù mí nínú, nítorí èmi náà ń bínú, mi ò sì rí ẹni tó gbà fún mi. Àbúrò mi ọkùnrin ka ìpín mẹ́ta, ó ní ó ń gbé òun lọ́kàn sókè. Bẹ́ẹ̀ inú kan náà la ti wá.

Nǹkan míì nìyí, Àdùkẹ́: ṣé ìyá yín ṣì wà? Nítorí ìyá Adichie náà kú ní March 2021, bàbá kò tíì pé ọdún tí wọ́n kú, ìwé náà ò sì tíì jáde. May ọdún yẹn ló jáde. Ẹni tó bá wá orúkọ òǹkọ̀wé lórí ayélujára lẹ́yìn tó ka ìwé tán máa bá ìyẹn pàdé. Ẹ sọ fún un kó tó fúnra rẹ̀ rí i.

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, aago 11:10 alẹ́

Ìyá wa wà o. Wọ́n wà nínú opó lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́, mi ò bá má rò ó rárá.

Láńre Pẹ́kámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:48 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ Igbó ọ̀hún ti pọ̀ jù, ilé wa ńkọ́? Ṣóyínká náà kọ ti bàbá rẹ̀. *Aké* ni. Lẹ́yìn tí bàbá kú ni ó ṣí àpótí páànù kan tó jẹ́ ti bàbá, tó rí lẹ́tà àti rìsíìtì, ló bá kọ ìwé. Ẹ ra *Aké* fún un. Nílùú ọba níbí, ilé ìkàwé tó wà ládùúgbò ní in, ọ̀fẹ́ ni.

Akọ̀wé Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:30 àárọ̀

Láńre, ẹ rọra pe àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ tó dáa. Ẹ sì ti so ìwé méjì pọ̀. *Aké* jáde ní 1981, ìgbà èwe Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó ti inú àpótí páànù yẹn jáde ni *Ìsarà*, ní 1989. "Essay" ló ń pe bàbá rẹ̀ nínú *Aké*, ó sì tún fi í sínú àkọlé *Ìsarà*, láti ara lẹ́tà S.A. tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn.

Ohun tó jẹ́ kí *Ìsarà* yàtọ̀ ni pé kò sọ̀rọ̀ bí bàbá ṣe kú rárá. Ó gba ọ̀nà inú àwọn ìwé àpótí náà padà sí ìgbà tí bàbá òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ wọn jiyàn. Ó ń wá ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ jẹ́ kí ó tó di bàbá ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ nǹkan tó ń tu ọmọ nínú tó ìyẹn.

Tísà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán

Akọ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka ojúewé kan ni ẹ fẹ́ gbé *Ìsarà* fún? Mo fi kọ́ ọmọ yunifásítì rí. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ máa ń gba kí èèyàn ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, orúkọ èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

*Aké* rọrùn jù ú lọ, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un pé ikú wà níbẹ̀: àbúrò rẹ̀ kékeré, Fọláṣadé, kú lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún kan gan-an. Ojúewé díẹ̀ ni, ó sì ń já bọ́ lójijì. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jáde kúrò ní kíláàsì nítorí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ nílé wọn.

Tó bá jẹ́ tèmi, Yorùbá ni mo máa mú, kó jẹ́ Fágúnwà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọdẹ wọ igbó kò ní ráyè ronú.

Ìyábọ̀ Alákàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:52 ọ̀sán

Hà, Tísà! Ẹ ní kò fẹ́ wàásù, ẹ gbé Fágúnwà wá? Ọkùnrin tó máa dá ìtàn dúró láàárín ìjà kó lè bá "ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi" sọ̀rọ̀ nípa ìwà àti Ọlọ́run! Mo fẹ́ràn Fágúnwà dọ́kàn, ṣùgbọ́n wàásù ibẹ̀ ju ti àfáà inú fídíò lọ. Ó kàn dùn létí ni.

Tísà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 2:05 ọ̀sán

Ẹ ti mú mi. Ó dáa, *Ogún Ọmọdé* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ńkọ́? Àwọn ọmọdé abúlé ni wọ́n wà níbẹ̀, ìwà pálapàla wọn, oko, eré òṣùpá. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí bàbá tèmi kú, mo ń ka ibẹ̀ sókè fún ara mi lálẹ́ nítorí mo fẹ́ gbọ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Ó jọ pé ohùn yẹn gan-an ni mo ń wá, kì í ṣe ìtàn. Ẹni tó wà ní Máńṣẹ́sítà, tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló kù tó ń bá a sọ Yorùbá gidi lórí fóònù, ó lè jẹ́ pé ohun tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:40 ìrọ̀lẹ́

Tísà, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Bàbá kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń bá a ka oríkì lórí fóònù kí wọ́n tó béèrè oúnjẹ tó jẹ.

Ṣẹ̀gún Kútọnu · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:19 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Faransé ni mo fi ń kàwé jù níbí, torí náà ẹ jẹ́ n mú tiwa wá. Roland Barthes, ará Faransé. Ìyá rẹ̀ kú ní October 1977, wọ́n sì jọ ń gbé ni látìgbà èwe rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí ìyá kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó gé tákàdá sí mẹ́rin mẹ́rin, ó ń kọ gbólóhùn kan tàbí méjì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ọjọ́ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn ikú tirẹ̀ ni wọ́n tó kó wọn jọ di ìwé, ní 2009. *Journal de deuil* ni orúkọ rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì *Mourning Diary*.

Ojúewé kan lè má ju ìlà mẹ́ta lọ, ìyókù funfun báláú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan lè ka ojúewé mẹ́wàá láàárín tí omi tíì ń hó. Ó tilẹ̀ kọ̀ ọ̀rọ̀ náà "ọ̀fọ̀", ó ní kí wọ́n má fi pe tòun, ó ń dun òun ni, ó parí.

Ìyábọ̀ Alákàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:44 alẹ́

Ṣẹ̀gún, ṣé ara ẹni yẹn padà yá nínú ìwé náà?

Ṣẹ̀gún Kútọnu · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:02 alẹ́

Rárá. Kò yá. Ó ń rọlẹ̀ díẹ̀, á tún padà. Bíi pé ẹ jókòó ti ẹnì kan tí kò fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìwé náà ń fa òun wọnú kànga. Mi ò lè fi fún ẹni tó ń dá gbé, tí kò jẹun dáadáa. Àdùkẹ́, ta ni àbúrò yín ń bá gbé?

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:15 alẹ́

Òun nìkan ni. Ó ń jẹun ṣá, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Alẹ́ ni ìṣòro.

Bọ̀dé Mẹ́kàníìkì · Ọjọ́rú, aago 6:20 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kàwé púpọ̀, mo kàn fẹ́ sọ tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní ìwé kan nínú dúrọ́ọ̀ tó ń kó nọ́ọ̀tì àti sípánà sí. Òróró ti rẹ iwájú rẹ̀. *The Palm-Wine Drinkard* ni, ti Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta. Ọ̀gá ò sọ fún mi pé ó máa tù mí nínú. Wọ́n ní, "Gbà, má jẹ́ kó dọ̀tí jù báyìí lọ."

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ tó mọ̀ ò ju kó mu ẹmu lọ. Bàbá rẹ̀ gba adẹ́mu fún un, ó sì fún un ní oko ọ̀pẹ tó ní 560,000 igi. Àárọ̀ nìkan, 150 kẹ́ẹ̀gì. Bàbá kú lójijì. Oṣù kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, adẹ́mu já bọ́ lórí ọ̀pẹ, òun náà kú. Ẹmu dá. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a mu ún ò wá mọ́. Ló bá ní òun gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé òkú kì í lọ sọ́run tààrà, ibì kan ń bẹ láyé níbí tí wọ́n ń gbé, òun máa wá adẹ́mu òun lọ. Ó gbéra.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó gbà fún Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó ní kó má sunkún. Wọ́n á kàn ní kó bá àwọn ṣe iṣẹ́ báyìí báyìí, àwọn á fi ọ̀nà hàn án. Ó pẹ́ gan-an kó tó dé Ìlú Àwọn Òkú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi rìn níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi iwájú rìn máa ń bí wọn nínú. Ó bá adẹ́mu. Adẹ́mu ní òun kò lè bá a lọ, pé ọdún méjì gbáko ni òun fi kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ òkú kí òun tó yege, òkú kò sì lè bá alààyè gbé. Ó fún un lẹ́yin kan, ó ní kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ "kọ́ṣẹ́ òkú" yẹn ni. Ọmọ iṣẹ́ lèmi náà nígbà náà, ó ku ọdún kan ààbọ̀ kí n gba fìríídọ̀mù. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá lọ sẹ́yìn mọ́tò kan tí a gbé sórí jáàkì, mo sunkún. Mo wá ń rò ó pé bàbá mi náà wà níbì kan tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ń pariwo lé e lórí, ó ń gbàgbé ibi tó fi sípánà sí. Mi ò mọ̀ bóyá ó bófin ẹ̀sìn mu. Ó jẹ́ kí n lè sùn.

Láńre Pẹ́kámù · Ọjọ́rú, aago 7:55 àárọ̀

Bọ̀dé, ìwé yẹn kò ní gírámà kankan. Ojú ti àwọn àgbà wa nígbà tó jáde ní 1952.

Bọ̀dé Mẹ́kàníìkì · Ọjọ́rú, aago 8:01 àárọ̀

Ìdí tí mo fi lè kà á nìyẹn.

Akọ̀wé Bódìjà · Ọjọ́rú, aago 9:12 àárọ̀

Bọ̀dé, ẹ ṣé. Mi ò rò ó kan *Drinkard* lọ́dún gbogbo tí mo fi ṣiṣẹ́, "ìtàn àlọ́" ni mo ń kọ sí kátálọ́ọ̀gù. Èdè Yorùbá tó wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ibẹ̀, Láńre. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá ló máa ń rò pé ó ń ṣìnà. Ọmọ Òṣogbo tó wà ní Máńṣẹ́sítà máa gbọ́ ohùn ilé nínú ẹ̀, bí Tísà ṣe wí nípa ti Ìṣọ̀lá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ẹ̀rù wà níbẹ̀. Arẹwà ọkùnrin tó ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n, títí tó fi ku agbárí lásán, kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè kà láago méjì òru. Kó kà á lọ́sàn-án.

Adé-ń-wá-bàbá · Ọjọ́rú, aago 11:30 àárọ̀

Ẹ má bínú pé mo bọ́ sáàárín. Gbogbo ẹ̀yin lẹ ní bàbá tó ń ka oríkì lórí fóònù. Tèmi fi wá sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní pírámárì, ó kú lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí pé èmi ni àkọ́bí, kí n wá dá owó màlúù. Mi ò sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣiṣẹ́, mi ò sì mọ ohun tó ń ṣe mí. Ṣé ìwé wà fún irú wa? Gbogbo èyí tí mo ṣí ló ń sọ bí bàbá ṣe jẹ́ èèyàn rere.

Ṣẹ̀gún Kútọnu · Ọjọ́rú, aago 12:48 ọ̀sán

Adé, ẹ kú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó sún mọ́ ọn tí mo mọ̀ ni *La Place* tí Annie Ernaux kọ, 1983. Bàbá rẹ̀ kò fi wọ́n sílẹ̀ o, ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀. Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ọmọ kàwé jù ú lọ, ọ̀rọ̀ ò wọ̀ mọ́ láàárín wọn. Kò yin bàbá, kò sì bú u. Ó kàn to nǹkan kalẹ̀ bí ẹni tó ń ka ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù: ohun tó jẹ, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń tì í lójú. Ó kúrú. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni *A Man's Place*.

Mi ò mọ̀ bóyá ó bá tiyín mu tó.

Ìyábọ̀ Alákàá · Ọjọ́rú, aago 1:20 ọ̀sán

Mi ò rò pé ó bá a mu, Ṣẹ̀gún. Àárín wọn tútù ni, bàbá ṣì wà nílé. Ti Adé ni bàbá tí kò sí níbẹ̀. Adé, ẹ dá ọ̀rọ̀ tiyín sílẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bàa sọnù sáàárín èyí. Mo mọ èèyàn méjì níbí tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́rú, aago 10:06 alẹ́

Mo ti ra méjì: ti Adichie àti ti Tutùọlá. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá Adichie sínú lẹ́tà kékeré kan bí Ìyábọ̀ ṣe ní. Kí ni kí n tún kọ síbẹ̀?

Tísà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́rú, aago 10:31 alẹ́

Ẹ má kọ nǹkan kan sí i. Orúkọ yín àti ọjọ́, ó tó. Ẹ má sì pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé "ṣé o ti kà á?" Bí ẹ bá ti béèrè, ìwé náà ti di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Akọ̀wé Bódìjà · Ọjọ́rú, aago 10:58 alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú Tísà, àfi nǹkan kan: ẹ fi bébà pélébé sí ìpín kan tí ẹ̀yin fúnra yín kà tó wọ̀ yín lára. Kó mọ̀ pé ẹ ti kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀.

Tísà Ìjẹ̀bú · Ọjọ́rú, aago 11:02 alẹ́

Èmi ò ní fi bébà. Á máa wá ìdí tí ẹ fi fi í síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò béèrè, òun ló pè. Ti Adichie, ó dúró ní ìpín kejìlá, ó ní òun ò tíì fẹ́ parí ẹ̀. Ti Tutùọlá ló kà tán, ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi méjì. Ó ń bi mí bóyá bàbá á ti yege báyìí, tàbí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń bá ọ̀gá jiyàn, ọdún méjì lè má tó wọn. A rẹ́rìn-ín títí ìyá wa fi gbọ́ nínú yàrá.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ àpótí Ṣóyínká fún un. Ló bá ní kí n lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá. Agolo bísíkíìtì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́: rìsíìtì omi-ẹ̀rọ láti 1986, káàdì ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, àti gbogbo káàdì Iléyá tó fi ránṣẹ́ láti ìlú ọba, wọ́n fi rọ́bà dì wọ́n. Ó ní òun ò fẹ́ fọ́tò, agolo náà gan-an ni òun fẹ́.

Ta ló mọ ẹni tó ń bọ̀ ní Máńṣẹ́sítà kí oṣù yìí tó parí? Kò wúwo. Mo ti wọ̀n ọ́n, kò tó kílò kan.